Okùn lára páìpù: kílò mélòó ló kù sọ́wọ́ ẹni tó dì í mú?

*Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ni mo ti ń kọ́ṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a sọ ẹ́ńjìnnì kan tó jẹ́ 300 kílò kalẹ̀ láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. A gbé páìpù irin dábùú lókè, a dè é kí ó má lè yí, a wé okùn ọ̀rá mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì ààbọ̀, ẹnì kan sì di ìdí okùn mú nísàlẹ̀. Ó ní ó wúwo lọ́wọ́ òun tó ìdajì àpò sìmẹ́ńtì. Lálẹ́, mo fi T1/T2 = e^(μθ) ṣe ìṣirò rẹ̀. Ìwé mi ní μ jẹ́ 0.25, mo fi 900 sí θ, kalikulétọ̀ gbé 5.2×10^97 jáde. Níbo ni mo ti ṣì í? Kí ló sì dé tí okùn náà á dúró pátápátá, tí á tún ṣàdédé já lọ gìrì? Tí a bá lo páìpù tó tóbi ju ìyẹn lọ ńkọ́? Ẹ́ńjìnnì náà ṣì máa padà sókè tí a bá tún un ṣe tán.*

Dígíríì lo kó fún un, àbúrò mi, rádíàn ló ń fẹ́. Okùn tó yí páìpù ká lẹ́ẹ̀kan ti lo 2π, ìyẹn 6.283. Ààbọ̀ ìyípo jẹ́ π, ìyẹn 3.142. Lẹ́ẹ̀mejì ààbọ̀ á wá jẹ́ 5π, ìyẹn 15.71. Ìyẹn lọ́nà 0.25 jẹ́ 3.93, e^3.93 sì tó 51. Pín 300 sí 51, ó ku kílò mẹ́fà, ó lé díẹ̀ tàbí ó dín díẹ̀. Bí 5.2×10^97 bá jẹ́ òótọ́ ni, eèrà kan ṣoṣo ì bá di ẹ́ńjìnnì yẹn mú, kó sì tún máa jẹun lọ.

Ààbọ̀ tó o kà mọ́ ọn yẹn dùn mọ́ mi, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú. Wọ́n á ka ìyípo tí ojú rí, wọ́n á ní méjì ni. Ṣùgbọ́n okùn gòkè láti ara ẹ́ńjìnnì, ó kọjá lórí páìpù, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ẹni tó dì í mú: ààbọ̀ ìyípo ti wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wé e rárá. Ká ní ẹni yẹn dúró sórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tó fa okùn lọ síwájú rẹ̀ gbọọrọ, ìdá mẹ́rin ìyípo kan á yọ níbẹ̀ tàbí kó fi kún un, ó kù sí ìhà tó bá dúró sí. Má fi ẹnu kà á. Lọ wo ibi tí okùn ti kọ́kọ́ fara kan irin àti ibi tó ti kúrò lára rẹ̀.

Èyí tó kàn mí jù ni pé kílò mẹ́fà tí ìṣirò tí a tún ṣe yìí fún wa kì í ṣe ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ sọ. Ìdajì àpò sìmẹ́ńtì jẹ́ 25 kílò. Ẹni tó di okùn mú kò purọ́, ìlànà náà kò sì purọ́. 0.25 yẹn ló yẹ ká bi léèrè ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n o ní láti kọ́kọ́ rí ohun tí okùn ń ṣe lára irin.

Màá kọ ìlànà náà báyìí, torí ó rọrùn láti ronú lé:

T1 = T2 × e^(μθ)

T1 ni ìfà tó wà lára okùn níhà ẹrù, T2 ni ìfà tó wà níhà ẹni tó dì í mú, μ ni nọ́ńbà fíríkíṣọ̀n tó wà láàrin irú okùn yẹn àti irú irin yẹn, θ ni bí okùn ṣe yí irin ká tó, ní rádíàn, e sì ni nọ́ńbà 2.718 tó wà lórí kalikulétọ̀ rẹ. Kílò ni màá fi máa ṣe é, torí òun ni ọwọ́ mọ̀. Bí olùkọ́ rẹ bá fẹ́ níútìn, fi 9.81 sọ ọ́ di púpọ̀: 300 kílò á di 2,943 N.

Má wo okùn náà lódindi. Wo ègé rẹ̀ kékeré kan, kó tó èékánná, níbi tó ti fara kan páìpù. Okùn tó ṣáájú ń fà á, okùn tó wà lẹ́yìn ń fà á. Nítorí pé páìpù rí roboto, ìfà méjèèjì kò dojú kọ ara wọn tààrà. Àwọn méjèèjì tẹ̀ wọnú díẹ̀, wọ́n sì jọ ń tẹ ègé náà mọ́ irin. Bí ìfà bá ṣe le tó níbẹ̀ ni títẹ̀ yẹn á ṣe le tó. Títẹ̀ ló ń bí fíríkíṣọ̀n, fíríkíṣọ̀n ló sì ń bù lára ìfà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ègé tó tẹ̀lé e. Ohun tí ègé kọ̀ọ̀kan ń bù kì í wá ṣe iye kan náà. Ìpín kan náà ni. Ó dà bí oníṣòwò tó ń gba ibodè mẹ́wàá kọjá, tí wọ́n ń gba ìdá mẹ́wàá ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ní ibodè kọ̀ọ̀kan: ibodè àkọ́kọ́ ló dùn ún jù, nígbà tó bá fi máa dé ìkẹwàá, ohun tí wọ́n ń gbà ti kéré, ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ náà sì ti kéré. Ibi tí e ti wọ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Àwọn ìwé kan ń fi orúkọ Euler àti Eytelwein pe ìlànà náà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń di màlúù mú lọ́jà kò bi wọ́n léèrè kó tó yí okùn mọ́ èèkàn lẹ́ẹ̀mejì.

Láti inú èyí lo ti máa rí ìdáhùn nípa páìpù tó tóbi. Wò ó dáadáa, kò sí ìwọ̀n páìpù kankan nínú ìlànà yẹn. Páìpù tó tóbi máa jẹ́ kí okùn tó fara kan irin gùn sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n okùn náà kò tẹ̀ kíákíá mọ́, nítorí náà kò tẹ irin mọ́lẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ ní ibì kọ̀ọ̀kan. Èyí pa èyí rẹ́ láìṣẹ́kù. Ìyípo méjì ààbọ̀ lára páìpù tó tó ọrùn ọwọ́ àti lára òpó tó tó itan yóò ku kílò kan náà sọ́wọ́ rẹ. Ohun tí títóbi fi sàn ni pé okùn kì í ká jù, ooru sì ń rí àyè tàn ká. Tí páìpù bá wá tín-ín-rín jù, tí okùn sì le, ìlànà náà fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣìnà, torí ó gbà pé okùn rọ̀ débi tó lè tẹ̀ láìjanpata.

Ó wá ku μ. Ohun tí ọ̀rẹ́ rẹ sọ tó láti fi rí i. Pín 300 sí 25, ó jẹ́ 12. Tẹ ln 12 lórí kalikulétọ̀, ìyẹn bọ́tìnì tó ń tú e padà, wàá rí 2.485. Pín ìyẹn sí 15.71, ó jẹ́ 0.158. Ká pè é ní 0.16. Òun ni μ okùn yín lára páìpù yín lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe 0.25 inú ìwé. Okùn ọ̀rá máa ń dán, páìpù tí okùn ti ń gba orí rẹ̀ kọjá náà máa ń dán. Èyí tó wà nínú ìwé lè jẹ́ okùn òwú lára irin tó rí págunpàgun.

Ó lè dà bí ẹni pé láti 0.25 sí 0.16 kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n orí e ni nọ́ńbà yẹn jókòó sí. Pẹ̀lú 0.16, ìyípo kan odindi ń pín ẹrù sí 2.73. 300 á di 110 lẹ́yìn ìyípo kìn-ín-ní, 110 á di 40 lẹ́yìn ìkejì, ààbọ̀ tó kù á pín in sí 1.65, ó ku 24. Pẹ̀lú 0.25, ìyípo kan ń pín in sí 4.81, ẹ̀ẹ̀mejì ààbọ̀ sì gbé e dé mẹ́fà. Ẹni tó bá múra kílò mẹ́fà sílẹ̀, tí kílò 24 wá bá a, ọwọ́ rẹ̀ ló máa sọ fún un.

Mo ti rí ibi tó burú ju ìyẹn lọ. Nígbà tí mo ṣì kéré nínú iṣẹ́ yìí, a ń sọ tánkì kan kalẹ̀ bákan náà níbi ilé kan tí wọ́n ń kọ́. Okùn ń há, ó ń dún kíkankíkan, ẹnì kan tó fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ bá gun òkè lọ, ó fi gíríìsì pa páìpù kí okùn lè máa yọ̀. Okùn yọ̀ lóòótọ́. Àwa méjì tó di ìdí rẹ̀ mú kò rí i dì mọ́, tánkì lọ bá ilẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ mi sì bó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Fi ti ẹ́ńjìnnì yín wò ó: bí gíríìsì tàbí ọ́ìlì bá fa μ wálẹ̀ dé 0.10, ìyípo méjì ààbọ̀ kan náà á ku 62 kílò sọ́wọ́ ẹni tó dì í mú. Ẹni tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ á bá okùn gòkè lọ. Nítorí náà, tí okùn bá ń há jù, tú ààbọ̀ ìyípo tàbí ìyípo kan kúrò kí ẹrù tó wà lórí rẹ̀. Má fọwọ́ kan ojú páìpù.

O lè wọn μ fúnra rẹ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Mú ègé okùn yẹn gan-an, gbé e kọ́ orí páìpù yẹn gan-an láìyí i ká, kí ó jẹ́ ààbọ̀ ìyípo péré. So korobá tó ní omi sí ìdí méjèèjì. Kí ọ̀kan jẹ́ 10 kílò pẹ̀lú omi inú rẹ̀. Máa bu omi sínú èkejì díẹ̀díẹ̀ títí okùn á fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ fúnra rẹ̀. Gbé korobá yẹn lé ìwọ̀n. Ká ní ó jẹ́ 20 kílò: pín 20 sí 10, tẹ ln 2, ó jẹ́ 0.693, pín in sí 3.142, o rí 0.22. Má dúró síbẹ̀, torí iṣẹ́ rẹ kò tíì parí. Bu omi kúrò díẹ̀ nínú korobá tó wúwo, kí o wá máa fi ọwọ́ ta á díẹ̀ kí okùn bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Wá ìwọ̀n tó jẹ́ pé tí o bá ti ta á, ó ń rìn lọ jẹ́jẹ́, kò dúró, kò sì sáré. Ká ní ìyẹn jẹ́ 16.5 kílò: ln 1.65 jẹ́ 0.50, pín in sí 3.142, ó jẹ́ 0.16.

Méjì ni wọ́n: 0.22 nígbà tí okùn dúró, 0.16 nígbà tó ń yọ̀. Àwọn ìwé kan ń kọ ẹyọ kan péré. Àárín àwọn méjèèjì yìí ni okùn yín ti ń dúró tó tún ń já lọ gìrì. Wò ó bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì dúró lófuurufú, okùn kò rìn. Pẹ̀lú 0.22, ohun tó tó láti dá a dúró kò ju kílò mẹ́sàn-án ààbọ̀ lọ. Ẹni tó dì í mú fẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀, ó dẹ ọwọ́ láti 24 wá sí 20, okùn kò mira. Ó dẹ̀ ẹ́ sí 15, kò mira. Ó rò pé ó ti há, ó dẹ̀ ẹ́ sí mẹ́sàn-án. Okùn yọ̀. Bó ṣe yọ̀ báyìí, 0.22 ti lọ, 0.16 ti dé, kílò 24 ló sì ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fi kílò mẹ́sàn-án dì í mú. Ó já lọ. Ẹ̀rù ba ọkùnrin yẹn, ó gbá a mú gbágbá, okùn dúró gbì lójijì, eré náà sì bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ìdúró òjijì yẹn ló léwu jù, torí pé nígbà tí 300 kílò tó ń já bọ̀ bá dúró lójijì, ìfà tó dé ara okùn á ju 300 lọ dáadáa.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í dẹ ọwọ́ kí okùn fúnra rẹ̀ wá yọ̀. Ó máa ń ti okùn wọ ara páìpù, díẹ̀díẹ̀, nítòsí páìpù, láìjẹ́ kí okùn náà dúró pátápátá títí ẹrù á fi kan ilẹ̀. Tí okùn bá ti ń rìn, má jẹ́ kó dúró láìnídìí.

Ẹlòmíràn á ní kí ẹ kúkú wé e lẹ́ẹ̀mẹ́rin ààbọ̀, kó má baà rẹ ẹnikẹ́ni. Ìyípo kan sí i dára: á gbé kílò 24 wálẹ̀ sí mẹ́sàn-án. Méjì sí i á gbé e dé kílò mẹ́ta àti díẹ̀, nígbà tí okùn ń yọ̀; nígbà tó bá dúró, kò tiẹ̀ ní tó kílò kan. Okùn tó ṣẹ́kù tó ń rọ̀ sílẹ̀ lè wúwo tó bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni pé ẹ lè jọ̀wọ́ rẹ̀ pátápátá kí ẹ́ńjìnnì má sì mira, títí ẹnì kan á fi gbọn okùn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìyípo tó bá pọ̀ máa ń gun ara wọn. Tí okùn bá ti gun orí okùn, ó ti tẹ ara rẹ̀ pa nìyẹn. Ìlànà wa kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ mọ́, ó sì lè nira láti tú u nígbà tí ẹrù wà lórí rẹ̀. Fún ẹrù yín àti okùn yín, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ààbọ̀, tí ìyípo kọ̀ọ̀kan jókòó ti ara wọn láìgun ara wọn, ni èmi máa ṣe.

Ohun mìíràn wà tí kò sí nínú ìṣirò rẹ: ooru. Ẹ́ńjìnnì 300 kílò tó sọ̀ kalẹ̀ ní mítà mẹ́ta ń tú agbára tó tó 8,800 júùlù sílẹ̀, díẹ̀ péré ló sì dé ọwọ́ ẹni tó dì í mú. Èyí tó kù, ojú ibi tí okùn àti páìpù ti ń ha ara wọn ni gbogbo rẹ̀ lọ. Tó bá fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà sọ̀ kalẹ̀, ó dà bí ìgbà tí o gbé áyọ́ọ̀nù iná tó ń gbóná gan-an lé okùn fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́fà yẹn. Ooru náà kò sì pín dọ́gba. Rántí oníbodè wa: ìyípo kìn-ín-ní níhà ẹrù nìkan ló bu 190 nínú 300. Ibẹ̀ ni páìpù ti ń gbóná jù. Okùn ọ̀rá olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà lọ́jà máa ń yọ́ ní nǹkan bí 160 dígíríì, ó sì ti máa ń rọ̀ kó tó dé ibẹ̀. Lọ mú okùn tí ẹ lò yẹn, wo apá tó kọjá lórí páìpù. Tó bá ń dán bí ẹni pé wọ́n fi àbẹ́là pa á, tí àwọn fọ́nrán rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ara wọn, tó sì le bí igi tí o bá tẹ̀ ẹ́, ó ti yọ́ lójú. Gé apá yẹn sọnù. Okùn tó dán báyìí tún máa ń jẹ́ kí μ yàtọ̀ sí èyí tó o wọ̀n.

Nípa gbígbé ẹ́ńjìnnì padà sókè: ẹ má lo páìpù yẹn. Ẹni tó ń fà á sókè ló wá di T1, ẹ́ńjìnnì ló di T2, torí pé ìhà tí okùn ń rìn lọ ni ìfà ti máa ń pọ̀ jù. Ìlọ́po 12 tó ń ràn yín lọ́wọ́ nígbà tí ẹ ń sọ ọ́ kalẹ̀ ni yóò kọjú ìjà sí yín: pẹ̀lú ìyípo méjì ààbọ̀, ẹni tó máa gbé 300 kílò sókè ní láti fa 3,700 kílò. Kódà tí ẹ bá tú gbogbo ìyípo, kó ku ààbọ̀ péré, ó ṣì jẹ́ 496 kílò. Púlì tó ń yí dáadáa ni kí ẹ gbé síbẹ̀.

Àyàfi tí páìpù fúnra rẹ̀ bá ń yí. Bí mọ́tò bá ń yí i sí ìhà tí ẹ fẹ́ kí okùn rìn sí, fíríkíṣọ̀n ti tún padà sẹ́yìn yín: páìpù ló ń gbé ẹrù, ẹni tó di ìdí okùn mú kàn ń fa kílò 24 rẹ̀, ó sì ń kó okùn tó ń jáde jọ. Ẹ̀rọ tí àwọn ọkọ̀ òkun fi ń fa okùn wọn ní èbúté, bó ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dẹ okùn, wọ́n á dẹ ọwọ́ díẹ̀, okùn á yọ̀ lára ìlù irin tó ń yí, mọ́tò ò sì ní dúró.